Ìlù Ọkàn Nígbà Tí Ara Wà ní Ìsinmi: Kí Ni 60 sí 100 Ń Sọ, Kí Ni Kò Sọ?

Ìdí tábìlì tí a ti ń yẹ ìfúnpá wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ̀rọ náà máa ń gbé nọ́ńbà mẹ́ta jáde. Méjì tó wà lókè jẹ́ ti ìfúnpá. Ìkẹta, tí wọ́n sábà máa ń ya àwòrán ọkàn kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan. Méjì àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé máa ń béèrè. Ìkẹta ló máa ń kó wọn láyà sókè lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣàkíyèsí rẹ̀.

Tọkọtaya kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 34, bíríkìlà ni, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan lọ́sẹ̀. Ìyàwó jẹ́ ẹni ọdún 31, olùkọ́ ni. Ìfúnpá àwọn méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kẹta ti ọkọ jẹ́ 52, ti ìyàwó jẹ́ 80. Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo nínú àwa méjèèjì ni nǹkan ń ṣe?" Kò sí èyí tí nǹkan ń ṣe nínú wọn. Àlàyé tí mo ṣe fún wọn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìbéèrè tí àwọn mìíràn ti bi mí lẹ́yìn wọn, ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Kí ni "ìsinmi" túmọ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé oorun ni?

Rárá o. Ìsinmi ni pé ojú yín là, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 5, kò sí ìjà, kò sí ìbẹ̀rù, ẹ ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn wọlé. Ẹ ò tíì mu kọfí tàbí sìgá láìpẹ́, ẹ ò sì tíì jẹ obì, nítorí èròjà tó ń lé oorun lọ nínú kọfí náà ló wà nínú obì.

Nígbà oorun, ọkàn máa ń lọ sílẹ̀ ju èyí lọ. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 62 lójúmọmọ lè rí 48 lórí aago ọwọ́ tó wọ̀ sùn. Àwọn kan ti sáré wá bá mi láàárọ̀ nítorí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Oorun lásán ni.

Ta ló sọ pé 60 sí 100 ni ó yẹ kó jẹ́?

Àwọn dókítà ló fẹnu kò lé e lórí. Nọ́ńbà tó rọrùn láti rántí ni wọ́n mú, kì í ṣe pé ara ènìyàn ní ògiri kan ní 60 àti òmíràn ní 100. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣègùn ọkàn kan ti ń sọ pé 50 sí 90 ló bá ohun tí wọ́n ń rí lára àwọn tí ara wọn dá mu jù. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà sì ṣe ìlànà tuntun lórí ọkàn tó ń rọra lù ní 2018, 50 ni wọ́n fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀, kì í ṣe 60.

Ní 2020, àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà kan náà gbé àbájáde jáde lórí àgbàlagbà 92,457 tí wọ́n ń wọ aago tó ń ka ìlù ọkàn. Ìpíndọ́gba gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí 65. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra: ẹni tí tirẹ̀ kéré jù wà ní 40, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù wà ní 109. Tí ẹ bá yọ àwọn tó wà létí méjèèjì sẹ́yìn, tí ẹ mú 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn ọkùnrin wà láàárín 50 àti 80, ti àwọn obìnrin wà láàárín 53 àti 82.

Ẹ tún wo tọkọtaya wa. 52 àti 80: àwọn méjèèjì wọlé. Ohun tí ìwọ̀n 60 sí 100 ń sọ ni ibi tí ọ̀pọ̀ èrò kóra jọ sí. Kò sọ ibi tó yẹ kí ẹyọ ẹnì kan dúró sí.

Kí n tó gbàgbé, ìwọ̀n àgbàlagbà ni o. Ọkàn ọmọ tuntun lè lù ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáká. Ẹ má fi nọ́ńbà yín wọn ọmọ yín.

Báwo ni 52 àti 80 ṣe lè jẹ́ ìlera kan náà?

Ẹ jẹ́ ká fi omi pípọn ṣe é. Èèyàn méjì fẹ́ kún àgbá kan náà láti inú kànga. Ọ̀kan mú korobá ńlá, èkejì mú korobá kékeré. Ẹni tó mú korobá kékeré máa fa okùn léraléra ju ẹnì kejì lọ, àgbá méjèèjì á sì kún lásìkò kan náà. Ẹ kò lè torí pé ọwọ́ rẹ̀ ń yára kí ẹ sọ pé ó ń ṣàìsàn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rí. Ohun tí ara ń béèrè kì í ṣe iye ìlù, bí kò ṣe iye ẹ̀jẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ó lè dín díẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kéré. Iye ìlù, ní ìsọdipúpọ̀ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ìlù kọ̀ọ̀kan tì jáde, ló ń fún wa ní iye yìí.

A ò wọn ọkàn tọkọtaya náà, ṣùgbọ́n ká fi ìwọ̀n tó bá irú wọn mu ṣírò. Ọkàn bíríkìlà náà tóbi, iṣẹ́ àti bọ́ọ̀lù sì ti jẹ́ kó máa gba ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Tí ìlù kan bá ti mílílítà 100 jáde, 52 lọ́nà 100 jẹ́ 5,200, ìyẹn lítà 5 ó lé díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kéré lára, ọkàn tirẹ̀ náà kéré. Tí ìlù kan bá ti 60 jáde, 80 lọ́nà 60 jẹ́ 4,800, ìyẹn lítà 5 ó dín díẹ̀. Àgbá méjèèjì kún. Ìdí nìyí tí ìlù ọkàn obìnrin fi sábà máa ń fi díẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, láìsí àìsàn kankan.

Ta ló ń sọ fún ọkàn pé kó yára tàbí kó rọra?

Ọkàn ní onílù tirẹ̀. Ìdìpọ̀ kékeré kan wà ní òkè yàrá ọ̀tún ọkàn tó ń dá iná mànàmáná wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìṣáná kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú ọkàn fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fi onílù yìí sílẹ̀ sí ìfẹ́ inú rẹ̀, kì í lu 70. Bí 100 ló máa ń lù fún ọ̀dọ́, ó sì ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Ní 1970 ni àwọn olùṣèwádìí fi oògùn dí gbogbo ohun tó ń darí rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ, tí wọ́n sì rí i bẹ́ẹ̀. Ìṣirò wọn rèé: ẹ mú 118, kí ẹ yọ ọjọ́ orí lọ́nà 0.57 kúrò nínú rẹ̀. Fún ẹni ọdún 31, ó jẹ́ 100. Fún ẹni ọdún 34, ó jẹ́ nǹkan bí 99.

Nítorí náà, onílù ọkọ àti ti ìyàwó jọra. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Bíréèkì ni. Iṣan ìmọ̀lára gígùn kan sọ̀ kalẹ̀ láti ọpọlọ gba ọrùn wá sí àyà. Fégọ́ọ̀sì ni àwọn oníṣègùn ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dá onílù dúró díẹ̀díẹ̀. Iṣan mìíràn wà tó dà bíi tọ́tù ọ̀kadà, tó ń mú kó yára nígbà ìbẹ̀rù, ìbínú àti iṣẹ́ líle. Tí ara bá sinmi, bíréèkì ló máa ń borí. Ìyàwó ń tẹ bíréèkì rẹ̀ díẹ̀, ó bọ́ sí 80. Ọkọ ń tẹ tirẹ̀ gan-an, ó bọ́ sí 52.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tó hàn kedere, ẹ wo àwọn tí wọ́n gbé ọkàn ẹlòmíràn sí láyà. Nígbà tí dókítà bá gé ọkàn náà kúrò lára ẹni tó fi í sílẹ̀, iṣan méjèèjì ló gé pẹ̀lú rẹ̀. Lára ẹni tuntun, kò sí bíréèkì mọ́. Ọkàn wọn sábà máa ń lù láàárín 90 àti 110 bí wọ́n tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà nípa èyí, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi dáadáa: ìlù jẹ́ẹ́ tí a ń gbọ́ láyà wa kì í ṣe ìwà ọkàn nìkan, ọpọlọ ló ń fà á sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà.

Agbára bíréèkì yìí yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àbímọ́. Ìdílé wà tí gbogbo wọn ń lu 55, ìdílé mìíràn sì wà tí gbogbo wọn ń lu 85.

Tí mo bá ń sáré láàárọ̀, ṣé tèmi náà á di 52?

Ó lè dín kù, ṣùgbọ́n ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹni tí kì í ṣe eré ìdárayá rárá, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kíákíá tàbí sáré fún oṣù mélòó kan, sábà máa ń rí ìdínkù ìlù díẹ̀, bíi 3 sí 5. Àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ara wọn ni nọ́ńbà wọn ń lọ sí 40 ó lé. Wọ́n ròyìn pé ti Miguel Indurain, ará Sípéènì tó gba ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra láti 1991 sí 1995, lọ sí 28. Ẹ má fi ìyẹn wọn ara yín.

Nínú ara asáré, korobá ń tóbi, bíréèkì sì ń le sí i. Ó tún jọ pé onílù fúnra rẹ̀ ń rọlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tó lágbára jù nínú wọn.

Kí ló tún lè yí nọ́ńbà padà lára ẹni tí ara rẹ̀ dá?

Oyún máa ń gbé e sókè ní 10 sí 20, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ká pọ̀ sí i. Ooru ọ̀sán, àìmu omi tó, àìsùn dáadáa àti ọtí alẹ́ àná náà máa ń gbé e sókè. Oògùn ńkọ́? Propranolol, atenolol àti bisoprolol, tí wọ́n ń fún àwọn kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń mú un rọlẹ̀, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ẹni tó ń lo ọ̀kan nínú wọn tó sì rí 56 kò gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀. Èyí tí àwọn tó ní ikọ́-fée ń fà símú, salbutamol, máa ń gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè kà á láìsí ẹ̀rọ?

Ẹ jókòó, kí ẹ gbé ọwọ́ lé tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín sí ọrùn ọwọ́, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, nínú kòtò kékeré tó wà láàárín egungun àti okùn iṣan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò kà á, nítorí òun náà ní ìlù tirẹ̀, ẹ lè ka ti ara yín mọ́ ti ẹni tí ẹ ń yẹ̀ wò.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí ènìyàn kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kó wá sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Tí ìlù kan bá bọ́ sọ́nù nínú kíkà, 4 ló bọ́ sọ́nù nínú ìdáhùn. Ẹ ka odindi ìṣẹ́jú kan. Odindi ìṣẹ́jú yìí náà ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ìlù ń lọ déédéé. Tí ó bá ń yára díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fa èémí sínú, tó sì ń rọra bí ẹ ṣe ń mí jáde, ẹ má fòyà, bíréèkì ló ń ṣiṣẹ́, ó sì wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́. Èyí tó yẹ kí dókítà rí ni èyí tí kò ní ètò kankan, tó ń lù, tó ń fo, tó ń sáré, tí ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ bá a lọ. Irú ìlù bẹ́ẹ̀ máa ń ṣi ẹ̀rọ ìfúnpá àti aago ọwọ́ lọ́nà, nítorí àwọn ìlù kan kì í lágbára tó láti dé ọrùn ọwọ́.

Ẹ kà á láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, lẹ́yìn tí ẹ bá jí tí ẹ sì jókòó díẹ̀, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀. Èyí tó wà láàárín wọn ni nọ́ńbà yín.

Kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà ara mi ṣe, níwọ̀n ìgbà tó wà láàárín 60 àti 100?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bíríkìlà náà padà wá ní òun nìkan. Orí ń fọ́ ọ, ara ń ro ó. Nọ́ńbà kẹta rẹ̀ jẹ́ 76. Ẹni tó bá fi 60 sí 100 nìkan wò ó máa sọ pé ó tilẹ̀ dára ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé 52 ni tirẹ̀. Ó fi 24 gòkè.

A fi tẹmómítà sí i: dígírì 39. Ìwọ̀n tí a máa ń fi ọkàn sí ni pé dígírì kọ̀ọ̀kan tí ooru ara bá fi gòkè máa ń fi nǹkan bí 10 kún ìlù ọkàn. Dígírì méjì láti 37 fún wa ní 20. Ìyókù lè jẹ́ ti omi tí kò mu láti àárọ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé ibà ẹ̀fọn ni, ó lo oògùn, nígbà tí ó sì padà wá fún àyẹ̀wò, ó ti di 54. Ti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní 80, bó ṣe máa ń wà.

Ìwádìí 2020 yẹn náà rí i bẹ́ẹ̀: àwọn ènìyàn jìnnà síra gan-an, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà jìnnà sí ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n mọ tiwọn lọ́jọ́ tí ara wọn dá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yí ọ̀rọ̀ yìí padà sí ẹ̀yìn. Taifọ́ọ̀dù lè mú ara gbóná gan-an kí ìlù ọkàn má gòkè tó bó ṣe yẹ. Ìlù tó rọra kò túmọ̀ sí pé ibà náà kéré.

Tèmi máa ń wà ní 90 ní gbogbo ìgbà. Ṣé ẹ̀mí mi kò ní gùn ni?

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wá. Àwọn ìwádìí ńlá ti rí i pé àwọn tí ìlù ọkàn wọn ga máa ń ní àrùn ọkàn ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó wà ní 90, àwọn tó ń mu sìgá wà níbẹ̀, àwọn tí kì í rìn rárá wà níbẹ̀, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó tàbí tí gẹ̀gẹ̀ ń dà láàmú wà níbẹ̀, láì mọ̀. Àwọn tí a bí bẹ́ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìwádìí kan ní Norway, tó jáde ní 2011, ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Wọ́n ka ìlù ọkàn ènìyàn tó lé ní 29,000 lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bí ọdún 10 láàárín. Àwọn tí tiwọn wà lábẹ́ 70 tẹ́lẹ̀, tó wá gòkè kọjá 85, ni ikú láti ọwọ́ àrùn ọkàn pọ̀ sí láàárín wọn, ju àwọn tí tiwọn kò kúrò lábẹ́ 70. Nítorí náà, ohun tí mo máa bi yín ni pé: ṣé ó ti wà ní 90 láti ìgbà èwe yín, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè débẹ̀ ni? Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó tó, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ gẹ̀gẹ̀ wò pẹ̀lú.

Bàbá mi ẹni ọdún 72 ní 44. Ṣé kì í ṣe bíi ti àwọn asáré náà ni?

Nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. 44 asáré jẹ́ ti bíréèkì: tó bá dìde tó gun àtẹ̀gùn, bíréèkì á tú, ìlù á sáré gòkè kọjá 100. 44 àgbàlagbà lè jẹ́ pé ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà nínú ọkàn ti bàjẹ́. Irú èyí kì í fẹ́ gòkè. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ṣì wà ní 46, ara ń béèrè ẹ̀jẹ̀ tí kò rí, òòyì wá kọ́ ọ tàbí èémí rẹ̀ wá ń já.

Ẹ bi bàbá bóyá òòyì ń kọ́ wọn, bóyá wọ́n ti dákú rí, bóyá ó ń rẹ̀ wọ́n ju ti ọdún tó kọjá lọ, àti oògùn tí wọ́n ń lò. Kódà tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ mú wọn lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya bí iná ọkàn wọn ṣe ń rìn sórí ìwé. Kì í dun ni, kì í sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹni tí tirẹ̀ ń kọjá 100 léraléra lórí ìjókòó, láìsí ibà, náà nílò rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àyà bá ń dunni, tí èémí kò délẹ̀, tàbí tí ènìyàn dákú, yálà 44 ni o tàbí 144, ẹ má dúró ka ìlù mọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀.